Bí A Ṣe Ń Béèrè Nípa Iṣẹ́ Ẹni Lọ́wọ́ Ọ̀gá Rẹ̀ Àtijọ́ Kí A Tó Gbà Á Sí Sítọ́ọ̀

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti iléeṣẹ́ kéékèèké nílẹ̀ wa, ìwádìí tí a máa ń ṣe nípa ẹni tí a fẹ́ gbà síṣẹ́ kì í kọjá fọ́ọ̀mù onídùúró. Ẹni tó ń wáṣẹ́ á gbé fọ́ọ̀mù náà lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí pásítọ̀ ìjọ rẹ̀, wọ́n á lẹ fọ́tò mọ́ ọn, wọ́n á fọwọ́ sí i, a ó sì tì í sínú fáìlì. Fọ́ọ̀mù yẹn ní ìwúlò tirẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ kí a mọ ilé ẹni tí a máa lọ tí owó bá sọnù, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa bí ẹni náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Irú ilé tí ọmọ ti jáde wá ni onídùúró mọ̀. Ẹni tó lè sọ ohun tó ṣe níbi iṣẹ́ ni ẹni tó ń rí i lẹ́nu iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, òun ni mo máa pè ní ẹlẹ́rìí iṣẹ́ nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Èmi fúnra mi kò fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn títí mo fi gba ẹnì kan sí sítọ́ọ̀ sìmẹ́ǹtì mi ní Ìbàdàn nítorí pé àwọn tó dúró fún un jẹ́ èèyàn pàtàkì. Kò jí nǹkan kan. Kì í ṣáà kọ ọjà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wọlé tàbí lọ́jọ́ tó bá jáde, nígbà tó sì máa fi di oṣù kẹrin, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ nípa iye àpò tó wà nílẹ̀. Kò sí èyí tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nínú àwọn onídùúró rẹ̀, nítorí kò sí èyí tó tí ì rí i rí níbi tó ti ń ka ọjà. Ọ̀nà tí mo gbà nígbà tí mo fẹ́ gba ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, ó sì lè bá iṣẹ́ akọ̀wé owó tàbí ti alábòójútó ṣọ́ọ̀bù mu, bí a bá pààrọ̀ àwọn ohun tí a ń béèrè.

Kọ ohun tí ẹni náà sọ sílẹ̀ kí o tó pe ẹnikẹ́ni

Ìpè tí a kò múra rẹ̀ sílẹ̀ máa ń parí sí “Ọmọ dáadáa ni.” Nítorí náà, inú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ń wáṣẹ́ bá ń sọ ohun tó ṣe níbi tó ti kúrò, mú mẹ́ta péré nínú ohun tó sọ, àwọn tí iṣẹ́ tìrẹ gbára lé jù lọ, kí o sì kọ wọ́n bó ṣe sọ wọ́n gẹ́lẹ́. Arákùnrin tí mo fẹ́ gbà sọ fún mi pé òun ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin ní sítọ́ọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní Abẹ́òkúta, pé òun nìkan ló ń gba sìmẹ́ǹtì wọlé, àti pé nígbà tí òun débẹ̀, nǹkan bí ogójì àpò ló máa ń dín lóṣù, ṣùgbọ́n òun mú un wá sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé kì í ju márùn-ún lọ. Ohun mẹ́ta nìyẹn: ọdún mẹ́rin, òun nìkan, ogójì sí márùn-ún. Gbogbo ìwádìí tí mo ṣe lẹ́yìn náà, orí wọn ló dúró lé.

Kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà tó parí, bi í ní ìbéèrè kan sí i: “Tí mo bá bi ọ̀gá rẹ pé kí ni wọ́n máa ń bá ọ wí lé lórí jù, kí ni wọ́n máa sọ?” Fi yé e pé òótọ́ ni o máa béèrè. Ẹni tó mọ̀ pé a máa lọ béèrè kì í sábà bù mọ́ ọ̀rọ̀, ó sì máa ń sọ àléébù kan gan-an. Arákùnrin yìí dákẹ́ díẹ̀, ó ní wọ́n máa sọ pé òun kì í tètè kọ ọjà tí oníbàárà bá dá padà. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Gba àṣẹ rẹ̀ lórí ìwé kí o tó kan sí ẹnikẹ́ni. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn, ìsọfúnni nípa iṣẹ́ ẹni sì wà lára rẹ̀. Yàtọ̀ sí òfin, ọ̀gá àtijọ́ máa ń sọ̀rọ̀ fàlàlà tó bá mọ̀ pé ọmọ náà fọwọ́ sí i. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbòmíràn, má ṣe pe ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ kí o tó ṣèlérí iṣẹ́ fún un, nítorí ìpè kan ṣoṣo lè mú kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bọ́. Ẹni tó ti kúrò lẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ kan náà ni kí o wá kàn.

Yan ẹni tó wà níbi tó ti lè rí i

Ẹni tó ń wáṣẹ́ ló máa ń yan ẹlẹ́rìí tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa yan ọ̀tá. Èyí kì í ṣe ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a jẹ́ kí òun nìkan yàn. Dípò kí o sọ pé “Mú ẹlẹ́rìí mẹ́ta wá,” sọ ipò tí o fẹ́: ẹni tó ń rán an níṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹni tó ń fi ìwé rẹ̀ wé owó, àti ẹnì kan tí ọjà ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ní ti sítọ́ọ̀, ìyẹn jẹ́ alábòójútó, olùṣirò owó, àti awakọ̀ tírélà tàbí olórí àwọn alágbàrù. Ẹni tó ni iléeṣẹ́ lè má mọ ohunkóhun ju pé ọmọ náà máa ń kí òun dáadáa. Olùṣirò owó ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí orí rẹ̀ ni àṣìṣe onísítọ́ọ̀ máa ń já lé níparí oṣù, kò sì gbàgbé.

Bó bá kọ̀ láti dárúkọ alábòójútó rẹ̀, béèrè ìdí. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà ti kú tàbí pé iléeṣẹ́ ti kógbá sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó lo ọdún mẹ́rin níbì kan tí kò sì rí ẹyọ ẹnì kan tó lè sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí o dúró lé.

Ní ti lẹ́tà tí wọ́n kọ sí “ẹnikẹ́ni tó bá kàn,” mo máa ń kà á, ṣùgbọ́n n kì í fi ṣe nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ tí ọmọ ń lọ ni wọ́n kọ ọ́, láti fi sìn ín sọ́nà.

Rí i dájú pé ẹni tó gbé fóònù náà lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀

Ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọ̀rẹ́ ẹni gbé fóònù kó sì máa pe ara rẹ̀ ní mánẹ́jà. Má ṣe gbára lé nọ́ńbà tí a kọ fún ọ nìkan. Wá nọ́ńbà tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù tàbí lórí ìwé rìsíìtì iléeṣẹ́ náà, pè é, kí o sì ní kí wọ́n fún ọ ní alábòójútó sítọ́ọ̀. Bí wọ́n bá ní iléeṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni, wá orúkọ náà níbi ìwádìí tó wà lórí ìkànnì àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, kí o lè mọ̀ bóyá ó tilẹ̀ wà.

Nígbà tí ẹni náà bá ti wà lórí fóònù, má ṣe fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Bí o bá sọ pé “Ó ní òun ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín láàárín ọdún 2019 sí 2023, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” wàá gbọ́ “Bẹ́ẹ̀ ni” lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ló dé ọ̀dọ̀ yín, iṣẹ́ wo lẹ kọ́kọ́ fún un, èwo ló sì ń ṣe nígbà tó máa fi lọ?” Ọ̀gá gidi lè ṣi ọdún kan gbé, ṣùgbọ́n á rántí pé ọmọ náà dé kí wọ́n tó kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, tàbí pé òun ló wà níbẹ̀ lọ́dún tí òjò wọlé ba sìmẹ́ǹtì jẹ́. Ẹni tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rọ̀ máa ń mọ ọdún dájú, kì í sì í mọ nǹkan míì.

Àwọn ìbéèrè fúnra wọn

Ohun kan wà nínú àṣà wa tó ń sọ ìpè yìí di ṣíṣòro. Kò sí àgbàlagbà tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló dí ọ̀nà oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ. Nítorí náà, bí o bá bi í pé “Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa? Ṣé olóòótọ́ ni?” ìyìn àti àdúrà nìkan lo máa rí gbà, kì í ṣe pé ẹni náà ń purọ́, bí kò ṣe pé ìbéèrè rẹ kò fún un láyè láti sọ òótọ́ láìba nǹkan jẹ́. Iṣẹ́ rẹ ni láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe èrò rẹ̀ nípa ènìyàn.

Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ kan ṣoṣo: “Bí tírélà bá já sìmẹ́ǹtì lọ́dọ̀ yín, kí ni òun máa ń ṣe láti ìgbà tó bá ti wọ ọgbà títí wọ́n fi máa jáde?” Tírélà kan lè kó ẹgbẹ̀ta àpò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 50, àpò mẹ́wàá kò sì ṣòro láti pòórá nínú rẹ̀ bí onísítọ́ọ̀ bá fi ẹnu gba iye tí awakọ̀ pè. Alábòójútó tó rí iṣẹ́ náà á sọ pé ó máa ń tò wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, tàbí pé ó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bírò, tàbí pé ó máa ń ya àwọn àpò tó bẹ́ sọ́tọ̀ kó tó fọwọ́ síwèé awakọ̀. Bó bá sọ pé “Ó máa ń mójú tó o dáadáa,” kò tí ì dáhùn. Tún un béèrè lọ́nà míì.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè iye: “Ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù lẹ máa ń ka ọjà? Nígbà tó débẹ̀, mélòó ló máa ń dín, mélòó ló sì ń dín nígbà tó ń lọ?” Má ṣe dárúkọ ogójì tàbí márùn-ún tí ẹni náà sọ fún ọ. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀, ó sì kúrú: “Kí ló yí padà?” Ọjà lè má dín mọ́ nítorí pé onísítọ́ọ̀ já fáfá, ó sì lè jẹ́ nítorí pé wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Bí o kò bá béèrè, wàá san owó oṣù ẹni tó já fáfá fún kọ́kọ́rọ́.

Ní ti àléébù, má ṣe béèrè àléébù. Béèrè ìrànlọ́wọ́: “Bó bá wá sọ́dọ̀ mi, kí ni kí n dúró tì í lé lórí fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́?” Ìbéèrè yìí gba àgbàlagbà là lọ́wọ́ ìtìjú, nítorí bó bá dáhùn, ọmọ náà ló ń ràn lọ́wọ́. Ẹni tó ti ń yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń sọ ohun tó wúlò jù lọ níbẹ̀. Bó ti sọ ọ́ tán, dákẹ́. Ka ẹní, èjì, ẹ̀ta nínú rẹ. Ìdákẹ́jẹ́ lórí fóònù máa ń wu ènìyàn láti kún, ọ̀rọ̀ kejì sì sábà máa ń jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìkẹyìn ni: “Bí àyè bá ṣí lọ́dọ̀ yín lọ́la, ṣé ẹ máa pè é padà, iṣẹ́ wo lẹ sì máa gbé fún un?” Apá kejì ìbéèrè náà ni kí o tẹ́tí sí. “A máa pè é, kó wá máa tajà níwájú” kì í ṣe ìdáhùn kan náà pẹ̀lú “Kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ fún un.”

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, àwọn àgbà sì sọ pé bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Nínú iṣẹ́ yìí, má ṣe sọ ọ́ di odindi fúnra rẹ. Bí ọ̀gá bá sọ pé “Ẹ ṣáà máa mójú tó o,” wàhálà wà nínú rẹ̀, àmọ́ o kò mọ irú èyí tó jẹ́. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà ń pẹ́ dé, ó sì lè jẹ́ pé ó ń ta ọjà lẹ́yìn ilé. Béèrè pé: “Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i pé ó yẹ kí ẹ mójú tó o?” Bó bá sì kọ̀ láti sọ, kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí o sì bi ẹlẹ́rìí tó kù láìdárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ohun tí mo gbọ́ nípa arákùnrin náà

Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí alábòójútó náà lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ní mo fẹ́ ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì yan ọ̀sán ọjọ́ kejì tí ọjà ti rọlẹ̀. Wọ́n ní ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ ni ọmọ náà lò ní sítọ́ọ̀, nítorí pé ẹ̀yìn káńtà ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ìyẹn kò da ọkàn mi láàmú, nítorí ó bá ọdún mẹ́rin tó sọ fún mi mu bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní òótọ́ ni pé òun nìkan ló ń gba sìmẹ́ǹtì. Nípa ọjà tó ń dín, wọ́n ní ó “wálẹ̀ gan-an,” ṣùgbọ́n wọn kò rántí iye.

Olùṣirò owó ni mo lọ bá ní Abẹ́òkúta fúnra mi, nítorí ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ lójúkojú ju orí fóònù lọ. Obìnrin náà rántí iye: ogójì ó dín díẹ̀ nígbà yẹn, mẹ́fà tàbí méje lẹ́yìn náà. Nígbà tí mo béèrè ohun tó yí padà, wọ́n sọ pé alábòójútó ló pàṣẹ kí wọ́n máa ka ọjà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé dípò ìparí oṣù nìkan, kí wọ́n má sì jẹ́ kí tírélà já ọjà lálẹ́ mọ́. Nítorí náà, kì í ṣe arákùnrin náà ló ronú kan ohun tó dá ọjà dúró. Mo wá bi wọ́n pé ta ló ń ka ọjà ní Sátidé. Wọ́n ní arákùnrin náà ni, pé láàárín ọdún méjì àtààbọ̀, Sátidé méjì péré ló fò, ọ̀kan sì jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sìnkú bàbá rẹ̀. Láìjẹ́ pé mo béèrè, wọ́n tún ní ìwé ọjà tí oníbàárà dá padà ni àwọn máa ń bá a fà, nítorí ó máa ń kó o jọ di ọjọ́ mẹ́ta kó tó kọ ọ́. Ohun kan náà tó sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ nìyẹn, ó sì fi ọkàn mi balẹ̀ ju gbogbo ìyìn lọ.

Olórí àwọn alágbàrù fi ohun kan kún un tí àwọn méjì tó kù kò lè mọ̀: wọ́n ní kì í gba owó lọ́wọ́ awakọ̀, ìdí tí wọ́n fi mọ̀ ni pé àwọn awakọ̀ máa ń ráhùn pé ó ń dá àwọn dúró pẹ́ jù níbi tó ti ń kà.

Bí mo ṣe ka ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé arákùnrin náà bù mọ́ ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó mú àtúnṣe wá, kò sì purọ́ nípa iṣẹ́ tó ṣe. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó máa dá ètò sílẹ̀ ni mò ń wá, ìdáhùn wọ̀nyí á sọ fún mi pé kì í ṣe òun. Ẹni tó máa kà láìfò Sátidé ni mò ń wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kò lè dé

Àwọn ilé ìfowópamọ́ àti iléeṣẹ́ ńlá kan kì í sọ ju ọjọ́ tí ènìyàn wọlé àti ọjọ́ tó jáde lọ, nítorí ìlànà wọn ni. Má ṣe ka ìdákẹ́jẹ́ wọn sí ẹ̀sùn. Wá ẹni tó ti kúrò níbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà, ẹni yẹn lè bá ọ sọ̀rọ̀ ní orúkọ ara rẹ̀.

Ọ̀gá tó ń bínú pé ọmọ fi òun sílẹ̀ lè bà á jẹ́, ọ̀gá tó fẹ́ kí ọmọ tètè lọ sì lè yìn ín dé òkè ọ̀run. Ìbéèrè kan náà ló ń tú àwọn méjèèjì fó: “Ẹ fún mi ní àpẹẹrẹ kan.” Ìbínú tó ní ọjọ́, ọjà àti iye nínú yẹ kí o wádìí rẹ̀ síwájú. Èyí tí kò ní ju “Kò ní ìwà” lọ, fi í sílẹ̀ títí ẹlòmíràn á fi sọ ohun tó jọ ọ́. Bákan náà ni ti ìyìn.

Má ṣe béèrè ìjọ tàbí mọ́sálásí tí ẹni náà ń lọ, ìlú tí wọ́n ti bí i, tàbí, bó bá jẹ́ obìnrin, bóyá ó fẹ́ bímọ láìpẹ́. Kò sí èyí tó máa sọ fún ọ bí wọ́n ṣe ń ka sìmẹ́ǹtì, bí ẹlẹ́rìí bá sì dà á sílẹ̀ fúnra rẹ̀, má kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹni méjì bá ń du iṣẹ́ kan náà, ìbéèrè kan náà ni kí o bi ẹlẹ́rìí àwọn méjèèjì, ní ọ̀nà kan náà tí wọ́n fi tò tẹ̀ léra, kí o sì kọ ìdáhùn lọ́gán bó ṣe jáde lẹ́nu, nítorí nígbà tó bá fi máa di alẹ́, ohun tí ọkàn rẹ ń fẹ́ lo máa rántí.

Mo gba arákùnrin náà. Ọjọ́ kìíní tó wọṣẹ́, mo fún un ní ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún ọjà tí oníbàárà dá padà nìkan, mo sì ní kó máa mú un wá fún mi láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta. Mi ò tún ìyókù iṣẹ́ rẹ̀ wò ju Sátidé lọ.